Ìdáhùn Tó Tọ̀nà Láti Inú Àṣìṣe Méjì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi ọdún kìíní, mo ti yẹ iṣẹ́ yín wò lórí pọ́ǹpù tó ń fa omi kànga. Ojú omi kànga náà fi mítà 9 jìn sí ilẹ̀, ẹnu páìpù tó ń da omi sínú táńkì sì fi mítà 6 ga ju ilẹ̀ lọ. Lítà 60 ni pọ́ǹpù ń gbé ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn kílò kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Páìpù náà gùn ní mítà 30, ihò inú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 25. Ìdajì iná tí pọ́ǹpù ń jẹ ló ń di iṣẹ́. Wáàtì mélòó ló máa jẹ?

Ìdọ́gba agbára tí a lò nìyí, gbogbo ẹyọ inú rẹ̀ sì jẹ́ júùlù fún kílò omi kan:

```
w = (p2 - p1)/ρ + (V2² - V1²)/2 + g(z2 - z1) + f(L/D)(V²/2)
```

Ẹnì kan nínú yín kọ 423, òun náà sì ni ìdáhùn. Síbẹ̀ mi ò fún un ní máàkì tó pọ̀. Nígbà tí mo wo ìlà kejì iṣẹ́ rẹ̀, mo rí i pé ó fi òdo sí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ lójú kànga, ó sì fi 101 sí ẹnu páìpù. Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń tẹ omi níbi méjèèjì! Bí ẹ bá ń ka ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ mọ́ ìṣirò, ẹ kà á níhìn-ín, ẹ kà á lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́, ẹ yọ ọ́ níbi méjèèjì. Ní ti kànga àti táńkì tí kò ní ìdérí, wọ́n máa pa ara wọn rẹ́.

Àṣìṣe kejì ló bo àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. 101 yẹn, kílòpásíkà ni. Ó pín in fún 1000 tí í ṣe kílò omi nínú mítà onígun mẹ́rin-mẹ́rin kan, ó rí 0.101, ó sì rò ó pọ̀ mọ́ 147 tó wá láti ara gíga. Ṣùgbọ́n kílòjúùlù ni 0.101 yẹn, júùlù sì ni 147. Ká ní ó yí i padà ni, ì bá rí júùlù 101, bí ẹni tó tún gbé omi gun mítà 10 sí i, ìdáhùn rẹ̀ ì bá sì di 625. Ojú ì bá ti là á níbẹ̀. Nítorí pé kò kọ òṣùwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà, ìtẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ rá pálá wọlé, kò sì hàn.

Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí táńkì náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n dé pa, tí ìtẹ̀ inú rẹ̀ fi kílòpásíkà 200 ju ti afẹ́fẹ́ lọ. Júùlù 200 gidi ló máa kún iṣẹ́ orí kílò kan, pọ́ǹpù á sì máa jẹ wáàtì bíi 823. Ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí gbà á fi 0.2 kún un, á tún sọ pé 423. Ẹni tó bá ra pọ́ǹpù lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní rí ìwọ̀n omi tó ń retí nínú táńkì rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló kọ ọ́ pé, “A gbà pé ìfarakanra omi àti páìpù kò tó nǹkan, torí omi kò sáré.” Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná. Omi náà ń sáré ní mítà 2.04 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára eré rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi júùlù 2.1. Ìyẹn kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gígùn páìpù jẹ́ ìlọ́po 1200 fífẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fi f tí mo fún yín, 0.025, sọ ọ́ di púpọ̀, ìfarakanra á jẹ́ ìlọ́po 30 agbára eré yẹn, ìyẹn júùlù 62. Ẹni tó bá fò ó máa rí wáàtì 298 péré. Bí páìpù bá sì fẹ̀ tó mìlímítà 50, tí f kò yí padà, júùlù 62 yẹn á wálẹ̀ sí bíi 2. Níbẹ̀, mo gbà kí ẹ fò ó.

Àwọn tó kọ wáàtì 106 sọ 211 di púpọ̀ pẹ̀lú ìdajì, dípò kí wọ́n pín in fún ìdajì. Gíga nìkan ti gba wáàtì 147, báwo wá ni pọ́ǹpù ṣe máa jẹ iná tó kéré sí ìyẹn?

Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú táńkì tí wọ́n dé pa àti páìpù mìlímítà 50. Mo fẹ́ rí òṣùwọ̀n ní ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí iye júùlù sì wà lábẹ́ gbogbo “a gbà pé” tí ẹ bá kọ.