Bébà 61 Lórí Ilẹ̀ Yàrá Mi

Lẹ́tà tí ìgbìmọ̀ olùdánwò fi ránṣẹ́ sí mi kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Mo yege nínú apá méjì ìdánwò náà, ṣùgbọ́n mo fìdí rẹmi nínú apá kẹta, èyí tí í ṣe ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi wò ó: ìtàn ilé baba mi gan-an ni mo ti ṣubú. Lábẹ́ ìdáhùn mi kejì, ọ̀kan nínú àwọn olùdánwò fi gègé kọ ọ́ pé, "O ròyìn àwọn ìwé náà dáadáa, ṣùgbọ́n o kò dáhùn ìbéèrè."

Kí n ṣàlàyé irú ìdánwò tí mo ń wí. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé kò lè bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ rẹ̀ kí ó tó yege nínú ìdánwò ńlá kan. Lẹ́yìn bí ọdún méjì nínú kíláàsì, òun àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ yóò fẹnu kò lórí àwọn ìwé tí yóò kà ní abala ìmọ̀ bíi mẹ́ta. Yóò fi ọ̀pọ̀ oṣù kà wọ́n, yóò kọ ìdánwò, lẹ́yìn náà yóò jókòó síwájú wọn láti fi ẹnu dáhùn ìbéèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹ̀ka tèmi gba ènìyàn láyè láti gbìyànjú. Bí ìgbà kejì bá tún bàjẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò kó ẹrù rẹ̀, nítorí ìwé àṣẹ ìgbélùú mi so mọ́ ẹ̀kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni owó tí mo fi ń ran àbúrò mi lọ́wọ́ ní Iléṣà. Ọ̀sẹ̀ 14 ni wọ́n fún mi.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé n kò ṣe ọ̀lẹ. Oṣù méje ni mo fi ka ìwé 61 tí ó wà fún apá yẹn, mo sì kọ àkọsílẹ̀ kún ìwé àjákọ mẹ́fà, pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n kan wà tí ó ti ṣe irú ìdánwò yìí ṣáájú mi ní ẹ̀ka mìíràn, ọmọ Òṣogbo ni. Mo kó àwọn ìwé àjákọ náà fún un. Ó ṣí èkíní, ó ṣí ẹ̀kẹta, ó sì pa wọ́n dé.

Ó ní, "Àbúrò mi, àwọn ìwé wọ̀nyí náà lo tún kọ ní kékeré. Níbo ni wọ́n ti bá ara wọn jiyàn?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó wà nínú wọn."

"Fi hàn mí."

N kò rí i fi hàn. Ojú-ewé 19 ni mo kọ lórí ìwé Robin Law nípa ìjọba Ọ̀yọ́, èyí tí ó jáde ní 1977, mo sì tẹ̀lé e ní orí kan sí èkejì gẹ́gẹ́ bí òun ti tò ó. Ojú-ewé 23 ni mo kọ lórí ìwé J. D. Y. Peel nípa ìpàdé ẹ̀sìn ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó jáde ní 2000. Kò sí ojú-ewé kan ṣoṣo tí àwọn ọkùnrin méjèèjì ti pàdé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Àlùfáà Samuel Johnson. Ó parí ìtàn Yorùbá tí ó kọ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ìlú Ọba. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ tún ìwé náà kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Mo bi ara mi pé, bí àbúrò mi bá jókòó ti ìwé àjákọ mi mẹ́fà, kí ni yóò rí kọ́ jáde nínú wọn? Orí ìwé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni.

Ìdí nìyí tí mo fi tún bẹ̀rẹ̀. N kò tún ìwé kankan kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́. Fún ìwé kọ̀ọ̀kan, mo máa ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ọ̀rọ̀ ìparí, àti orí kan ṣoṣo tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù, mo sì máa ń wo àkọsílẹ̀ tí òǹkọ̀wé tò sí ẹ̀yìn ìwé láti mọ ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé. Èyí máa ń gbà mí ní wákàtí méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mo pa ìwé dé, ó di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀, láìwo ohunkóhun, mo kọ ohun mẹ́rin sí bébà kan ṣoṣo: ìbéèrè tí òǹkọ̀wé bi, ìdáhùn rẹ̀ ní gbólóhùn kan, ẹ̀rí tí ó lò, àti ẹni tí ó ń bá jiyàn. Bí mo bá di ibì kan mú tí kò wá, mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo. Àyè òfìfo wọ̀nyẹn ni ó sọ ibi tí mo gbọ́dọ̀ padà sí. Èyí tí ó máa ń ṣófo jù ni ìkẹrin, nítorí pé mo ti ka àwọn òǹkọ̀wé náà bí ẹni tí olúkúlùkù wọn ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá tirẹ̀.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo gbé àga kúrò nínú yàrá, mo sì tẹ́ bébà 61 sílẹ̀. N kò tò wọ́n ní ọdún tí wọ́n jáde, n kò sì tò wọ́n ní orúkọ òǹkọ̀wé. Èyí tí ìbéèrè wọn bá jọra ni mo kó jọ. Òkìtì méje ni ó jáde. Àwọn bébà kan fẹ́ wọ òkìtì méjì, mo sì ṣe ẹ̀dà wọn. Mẹ́rin kò wọ ibì kankan. Mo kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ń tọ́ mi sọ́nà, ó sì gbà kí n yọ mẹ́ta nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú òkìtì kan yẹ̀ wò. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: nígbà wo ni àwọn ènìyàn wa di Yorùbá? Àwa tí a dàgbà sínú orúkọ náà lè rò pé kò sí ìbéèrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Ahmad Baba ará Timbuktu ti kọ orúkọ tí ó jọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí òwò ẹrú. Fún ìgbà pípẹ́, ará Ọ̀yọ́ ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì kò fi pe ara rẹ̀. Law fi hàn nínú àròkọ kan ní 1997 pé àwọn orúkọ bíi Lùkùmí àti Nàgó, tí wọ́n fi ń pe àwọn ènìyàn wa ní Kúbà àti Bùràsíìlì, wà lẹ́nu àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà. Peel, tí ó ka ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ àwọn òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., ní ìpàdé pẹ̀lú ẹ̀sìn Kírísítì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó sọ wá di ènìyàn kan náà. J. Lorand Matory ní 1999 tọ́ka sí àwọn tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín Èkó àti Bùràsíìlì.

Nígbà ìdánwò àkọ́kọ́, bí mo ti tò wọ́n yìí náà ni mo kọ wọ́n: Johnson sọ báyìí, Law sọ báyìí, Peel sọ báyìí. Nísinsìnyí tí bébà wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀, mo rí i pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jiyàn lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí olúkúlùkù pè ní "jíjẹ́ Yorùbá" ni ó yàtọ̀. Orúkọ tí ẹlòmíràn fi ń pe ènìyàn ni Law ń tọpa. Orúkọ tí ènìyàn fi ń pe ara rẹ̀ nínú ìwé ni Peel ń wá. Matory ń bi í pé, àwọn tí ó kọ ìwé náà, níbo ni wọ́n ti rí èrò wọn? Mo mú bébà tuntun, mo kọ ìbéèrè sókè, mo sì pín ìdáhùn sí ìtumọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí dípò òǹkọ̀wé mẹ́rin. Johnson fúnra rẹ̀ yí ipò padà: kì í ṣe òpìtàn tí ó ṣáájú àwọn yòókù mọ́, ó di ẹ̀rí fún Peel, àlùfáà tí ó ń fi ìwé so àwọn ènìyàn rẹ̀ pọ̀.

Bébà ìbéèrè méje gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ó kù, mo fi kọ ìdáhùn ní wákàtí méjì-méjì, láìsí àkọsílẹ̀ nítòsí. Èkíní burú. Ìṣẹ́jú 50 ni mo lò lórí Johnson nìkan. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, Ẹ̀gbọ́n a máa ka ohun tí mo kọ, a sì máa fa ìlà pupa sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ èyíkéyìí tí ó bá fi orúkọ òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀. Ó tún kọ́ mi ní ìdánwò kan tí mo ṣì ń lò: gbé ìpínrọ̀ kejì lọ sí ipò kẹrin. Bí kò bá sí ohun tí ó bàjẹ́, àkójọ lo kọ, o kò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ọ̀nà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìwé Karin Barber lórí oríkì ní Òkukù, tí ó jáde ní 1991, kọ̀ láti wọ inú gbólóhùn kan. Ohun tí ó níye lórí nínú rẹ̀ wà nínú bí àwọn obìnrin náà ṣe ń ki ènìyàn, ẹni tí ó bá fò ó kò rí ìwé náà rárá. Irú rẹ̀ mẹ́fà ni mo kà tán láti èèpo dé èèpo. Bẹ́ẹ̀ ni kò wúlò bákan náà fún ọjọ́ tí ènìyàn bá ń gbèjà àpilẹ̀kọ tirẹ̀, nítorí níbẹ̀, ibi tí ẹ̀rí tìrẹ ti tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọn yóò tẹ̀.

Ní ọjọ́ àfẹnudáhùn, ìbéèrè tí n kò múra sílẹ̀ fún ni ó kọ́kọ́ wá. Olùdánwò tí ó kọ gbólóhùn ọjọ́sí ni ó béèrè pé, bí wọ́n bá ní kí n yọ ìwé kan kúrò nínú òkìtì orúkọ Yorùbá, èwo ni n óò yọ? Mo ronú díẹ̀. Mo ní n kò ní yọ ọ̀kankan, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un, nítorí pé nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ó bi àwọn tí kò mọ̀wé kọ léèrè orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró níta, mo sì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, mo ń ka àkọlé ìpolówó kan náà lára ògiri.

Nígbà tí mo pe bàbá mi lórí fóònù láti sọ pé mo yege, wọ́n kọ́kọ́ súre fún mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, "Ṣé o ti wá di dókítà báyìí?"

Mo ní, "Rárá o, bàbá mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí láyè láti bẹ̀rẹ̀ ni."