Lẹ́tà Ìdúpẹ́ Lẹ́yìn Íntáfíù Tí Nẹ́tíwọọ̀kì Dà Rú

Ẹni tí nẹ́tíwọọ̀kì já mọ́ lẹ́nu nígbà íntáfíù orí fídíò sábà máa ń fẹ́ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Iná lọ, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, òjò ń rọ̀, dátà kò lọ dáadáa: gbogbo rẹ̀ ni yóò tò sínú ímeèlì. Ṣùgbọ́n àwọn tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ti fojú ara wọn rí i pé àwòrán rẹ̀ dúró gbagidi. Ohun tí wọn kò rí gbà ni ìdáhùn tó gé sí méjì, òun gan-an sì ni ó yẹ kí lẹ́tà ìdúpẹ́ gbé lọ fún wọn.

Ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ ibi tó ti gé, èyí kò sì rọrùn tó bí a ṣe rò. Ọ̀nà tí ohùn wa ń gbà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń lẹ ju ọ̀nà tí ohùn àwọn ẹlòmíì ń gbà wọlé lọ. Nítorí náà, o lè máa gbọ́ wọn ketekete, kí àwọn má gbọ́ ẹ rárá. Bí wọ́n bá tún béèrè ohun tí o ti sọ, tàbí tí wọ́n di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ mú tí wọn kò mẹ́nu kan ìparí rẹ̀, ibẹ̀ ló ti gé. Gbàrà tí íntáfíù bá parí, kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ kó tó fò ẹ́ lórí.

Ká ní ọ̀dọ́bìnrin kan wà n'Íbàdàn tó ń wá iṣẹ́ akọ̀wé owó nílé-iṣẹ́ kan l'Ékòó. Wọ́n bi í pé, bí iye tó wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ bá yàtọ̀ sí ti báńkì, kí ni yóò ṣe? Ó dáhùn dé ìdajì, nẹ́tíwọọ̀kì lọ. Nígbà tó padà wọlé, wọ́n ti bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Ohun tó lè kọ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀yin àti àwọn ọ̀gá yòókù yọ̀ǹda àkókò yín fún mi láàárọ̀ yìí. Inú mi dùn nígbà tí ẹ ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń parí ìṣirò yín lóṣooṣù. Ẹ ṣeun tí ẹ ní sùúrù nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì já. Ìbéèrè yín lórí ìwé báńkì ló gé mọ́ mi lẹ́nu. Bí ìwé wa bá ní ₦2,400,000, tí ti báńkì sì jẹ́ ₦2,585,000, màá kọ́kọ́ wo sọ̀wédowó tí a ti kọ tí ẹni tó ni ín kò tíì gbà. Bí ó bá jẹ́ ₦200,000, màá yọ ọ́ kúrò nínú ti báńkì. Lẹ́yìn náà, màá yọ owó tí báńkì gé, bíi ₦15,000, kúrò nínú tiwa. Méjèèjì á wá di ₦2,385,000. Bí ẹ bá fẹ́ kí n ṣàlàyé sí i, ẹ lè pè mí lórí fóònù.”

Gbólóhùn kan péré ló sọ nípa nẹ́tíwọọ̀kì, ọpẹ́ ló sì fi gbé e kalẹ̀. Kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà, kò sì sọ pé ọ̀dọ̀ ta ni ìdíwọ́ ti wá. Kódà bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe kọ ọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mélòó kan gé lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dà rú ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ pàápàá, gbólóhùn kan náà tó.

Ọjọ́ íntáfíù gan-an ló dára jù láti fi í ránṣẹ́, tàbí kó tó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún. Fi dáhùn ímeèlì tí wọ́n fi pè ọ́ kí wọ́n lè tètè mọ ẹni tó kọ ọ́. Bí o kò bá ní àdírẹ́ẹ̀sì gbogbo wọn, bẹ ẹni tó ṣètò íntáfíù kó bá ọ fi jíṣẹ́. Má sì tún gbogbo ìdáhùn rẹ kọ: èyí tó gé nìkan ni, nítorí bí o bá ń tún èyí tí wọ́n gbọ́ sọ, yóò dà bíi pé o fẹ́ ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọọ̀kì bá bàjẹ́ débi pé ìdáhùn kan kò dé ọ̀dọ̀ wọn tán, lẹ́tà ìdúpẹ́ kò lè gbé ẹrù yẹn. Lójú ẹsẹ̀ ni kí o ti pè wọ́n tàbí kí o kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́, kí o bèèrè bóyá ẹ lè parí rẹ̀ lórí fóònù, torí ohùn nìkan kò jẹ dátà tó fídíò, tàbí kí wọ́n fún ọ ní ọjọ́ mìíràn. Tí ẹ bá ti wá sọ̀rọ̀ tán ni kí o tó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́.