Ojú Rí I, Iyè Tún Un Tò

Ní oṣù Keje ọdún 1984, ọkùnrin kan já wọ ilé Jennifer Thompson lóru, ní ìlú Burlington, ìpínlẹ̀ North Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó yọ ọ̀bẹ sí i, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 22 ni Jennifer. Nínú ìpọ́njú yẹn, ó mọ̀ọ́mọ̀ ń wo ojú ọ̀daràn náà kó má baà gbàgbé rẹ̀. Síbẹ̀, Ronald Cotton tó nawọ́ sí kọ́ ló ṣe é. Cotton sì lo ọdún mẹ́wàá ààbọ̀ lẹ́wọ̀n.

Jennifer kò purọ́. Iyè rẹ̀ ló ṣe bí iyè ti máa ń ṣe.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ló ń wọnú ọpọlọ. Ibi tí ọkàn bá wà nìkan ló ń wọlé dáadáa. Ẹni tí wọ́n yọ ọ̀bẹ sí sábà máa ń tẹjú mọ́ ọ̀bẹ ju ojú ẹni tó mú un dání lọ. Ìwọ̀nba tó wọlé náà kì í sì í wà lójú kan: ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú ohùn sí yàtọ̀ sí ti ìrísí, ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní hipokámpọ́ọ̀sì ló ń so wọ́n pọ̀. Tí a bá wá fẹ́ rántí, ọpọlọ yóò tún wọn tò. Ibi tó bá ṣófo, yóò fi ohun tó jọ ọ́ dí i, yóò sì kó èyí tó tún tò yìí pa mọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ti ń rí àyè wọlé. Lọ́dún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù ìjàǹbá ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bi àwọn kan bí eré ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó nígbà tí wọ́n “kọlu” ara wọn. Wọ́n bi àwọn mìíràn nígbà tí wọ́n “fọ́” ara wọn túútúú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì fífọ́ kankan nínú fíìmù náà. Nínú àádọ́ta tó gbọ́ “kọlu”, méje ní àwọn rí i. Nínú àádọ́ta tó gbọ́ “fọ́”, mẹ́rìndínlógún ni.

Ẹ wá wo ohun tí Jennifer là kọjá. Ó kọ́kọ́ bá ọlọ́pàá ya àwòrán ojú ọ̀daràn. Wọ́n gbé fọ́tò ènìyàn mẹ́fà síwájú rẹ̀, ó mú ti Cotton. Lẹ́yìn náà wọ́n to àwọn ọkùnrin sórí ìlà, Cotton nìkan ló sì wà nínú fọ́tò tó tún wà lórí ìlà. Ó ṣiyèméjì láàárín ẹni kẹrin àti ẹni karùn-ún kó tó mú Cotton. Wọ́n ní ẹni tó mú nínú fọ́tò nìyẹn. Ara rẹ̀ balẹ̀, iyèméjì sì parẹ́. Láti ìgbà yẹn, ojú Cotton ló ń rí tó bá rántí òru náà. Nígbà tí wọ́n mú Bobby Poole, ọ̀daràn gan-an, wá sí kóòtù lọ́dún 1987, ó ní òun kò rí i rí. Àyẹ̀wò àbùdá ara, dí-ẹ̀n-eè, ló tú àṣírí lọ́dún 1995.

Fún èmi, ìdánilójú ọjọ́ kóòtù kọ́ ló yẹ ká gbára lé, bí kò ṣe ohun tí ẹlẹ́rìí sọ nígbà àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dá sí i. Lọ́dún 2007, North Carolina ṣòfin pé ẹni tí kò mọ èwo ni afurasí ni yóò máa fi fọ́tò han ẹlẹ́rìí, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó kọ́kọ́ sọ fún un pé ọ̀daràn lè má sí níbẹ̀, kó sì kọ bó ṣe dá a lójú tó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.