Máàpù Ẹ̀yìn Káàdì Ìpè

Àlejò tó ń ti Èkó bọ̀ wá sí ìnáwó n'Ìbàdàn kì í sábà ṣìnà lórí títì márosẹ̀. Inú àdúgbò ló ti ń ṣìnà, nígbà tó ti ń gbọ́ ìlù lọ́ọ̀ọ́kán, tí kò sì mọ ibi tí yóò gbà dé ìdí rẹ̀. Ibi tó kù díẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó gba ààyè jù lọ nínú máàpù ẹ̀yìn káàdì.

Ká ní gbọ̀ngàn náà wà ní ọ̀nà kékeré kan ní Sámóńdà. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Oríta Mókọ́lá ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, torí awakọ̀ tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rí ẹni júwe rẹ̀ fún un kíákíá. Fi Mókọ́lá sí ìsàlẹ̀ ìwé, kí ọ̀nà máa lọ sókè gba Sáńgò kọjá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òsì inú ìwé náà ni ọwọ́ òsì awakọ̀. Fa ìlà méjì fún títì ńlá, ìlà kan fún ọ̀nà kékeré. Láti Mókọ́lá dé Sáńgò, ìlà kúkúrú ti tó. Kọ "a gé ibí kúrú" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àlejò má baà rò pé òun ti fẹ́ dé.

Láti Sáńgò lọ, fi ìdajì ìwé sílẹ̀ fún un. Ya gbogbo ọ̀nà tó yà kúrò lára títì, àní èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ yà sí ìkẹta gbọ́dọ̀ rí ìkíní àti ìkejì kó tó lè kà á. Bí ìlà àárín bá pín títì sí méjì, tí gbọ̀ngàn sì wà lápá òsì, fi ọfà hàn ibi tí ọkọ̀ yóò ti yí padà. Èyí ni àwọn èèyàn ń gbàgbé jù. Àlejò á rí kánópì níwájú gbọ̀ngàn, kò sì ní rí ọ̀nà dé ibẹ̀.

Fún àmì, mú ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ilé ìwé. Má ṣe mú ìyá tó ń dín àkàrà. Ó lè má jáde lọ́jọ́ Sátidé. Fi àmì kan sí iwájú gbọ̀ngàn pẹ̀lú: "Bí ẹ bá ti dé géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ ti kọjá, ẹ padà."

Yíǹkì dúdú lórí ìwé funfun ni mo fara mọ́. Yíǹkì aláwọ̀ wúrà lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í hàn dáadáa nínú ọkọ̀ lálẹ́. Tẹ ẹyọ kan ní ìwọ̀n tí yóò jẹ́ lórí káàdì, kó o gbé e fún ẹni tí kò mọ àdúgbò yẹn rí, kó sì lọ ní ọ̀sán Sátidé. Ibi tó bá ti dúró béèrè ọ̀nà, ibẹ̀ ni ìlà tàbí àmì kan ti kù. Fi kún un kí káàdì tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.