Ìlà tó ń tẹ̀, èèyàn tó ń pọ̀ sí i: bí a ṣe ń ka gíráàfù lọ́ọ̀gì

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba ti ní kí gbogbo wa ní Lọ́ńdọ̀nù jókòó sílé nítorí àrùn kòrónà. Ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù. Gíráàfù ni. Ó ń fi hàn bí iye àwọn tí àyẹ̀wò gbé àrùn náà jáde lára wọn ní Ítálì ṣe ń pọ̀ sí i. Ìlà rẹ̀ kọ́kọ́ gòkè gan-an, àmọ́ nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sápá ọ̀tún, bí ìgbà tí ọkọ̀ bá gun òkè tán tó fẹ́ kan ilẹ̀ títẹ́jú.

Kí n tó fèsì, fóònù ti dún.

"Àbúrò, ṣé o rí Ítálì? Ó ti ń tán lọ. Bí tiwọn bá tán, tiwa náà ò ní pẹ́. Mo fẹ́ lọ gbé Màmá wá jẹun níbí lọ́jọ́ Àìkú."

Màmá wa ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún nígbà yẹn, àwọn nìkan ni wọ́n sì ń gbé. Àyà mi já. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má tíì lọ gbé Màmá. Ẹ kọ́kọ́ bá mi ka nọ́ńbà tó wà lápá òsì gíráàfù yẹn ná."

Wọ́n kà á: 100, 1,000, 10,000, 100,000. Mo bi wọ́n pé báwo ni àwọn nọ́ńbà náà ṣe jìnnà síra. Wọ́n ní, "Ọgbọọgba ni."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ rántí rúlà tí a lò nílé ìwé. Àyè tó wà láàárín 1 àti 2 kò yàtọ̀ sí èyí tó wà láàárín 8 àti 9. Bí ẹ bá ń dá àjọ, tí ẹ ń fún alájọ ní 10 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀, irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ló bá a mu: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iye kan náà lẹ ń fi kún un. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìwọ̀n gbáàtúù. Ṣùgbọ́n lórí gíráàfù Ẹ̀gbọ́n mi, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ iye tó wà nílẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Láti 100 dé 1,000, èèyàn 900 ló fi kún un. Láti 10,000 dé 100,000, èèyàn 90,000 ni. Síbẹ̀, àyè kan náà ni àwọn méjèèjì gbà lórí bébà. Ìyẹn là ń pè ní ìwọ̀n lọ́ọ̀gì. Lórí ìwọ̀n gbáàtúù, bí àyè méjì bá dọ́gba, iye tí wọ́n fi kún un ló dọ́gba. Lórí ìwọ̀n lọ́ọ̀gì, bí àyè méjì bá dọ́gba, ìlọ́po wọn ló dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ká ní àmì kan bọ́ sí àárín gbùngbùn 10,000 àti 100,000. Èèyàn mélòó nìyẹn? Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ rúlà á sọ pé 55,000. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ìlọ́po tó gbé wa láti ìsàlẹ̀ dé àárín náà ló gbọ́dọ̀ gbé wa láti àárín dé òkè. Ìlọ́po wo ni, tó jẹ́ pé bí a bá lò ó lẹ́ẹ̀mejì, á di ìlọ́po mẹ́wàá? Ó lé díẹ̀ ní mẹ́ta. 3.16 ni, nítorí pé 3.16 lọ́nà 3.16 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 10. Nǹkan bí 31,600 ni àmì wa dúró lé. Ẹni tó pè é ní 55,000 ti fi èèyàn tó lé ní 23,000 lé e láìmọ̀.

Bí ẹ bá ní rúlà nítòsí, ẹ ya ìlà kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4. Ẹ kọ 10,000 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ kọ 100,000 sí òkè. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀, 20,000 á bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 1.2, 30,000 á bọ́ sí 1.9, 50,000 sí 2.8, 90,000 sí 3.8. Àwọn ìlà kéékèèké wọ̀nyí jìnnà síra nísàlẹ̀, wọ́n sì ń fún mọ́ra wọn bí wọ́n ṣe ń lọ sókè. Lẹ́yìn 100,000, wọ́n á tún jìnnà síra, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún mọ́ra. Bí ẹ bá ti rí irú èyí lára gíráàfù, lọ́ọ̀gì ni, yálà ẹni tó yà á kọ ọ́ síbẹ̀ àbí kò kọ ọ́.

Ó yá, ká padà sí Ítálì. Nígbà yẹn, lójoojúmọ́ ni ìjọba wọn ń gbé iye jáde. Mo mú ọjọ́ mẹ́rin tí ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá wà láàárín wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì, 1,128 ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta, ìyẹn ọjọ́ tí òfin kónílé-ó-gbélé mú gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ó ti di 10,149. Ní ọjọ́ 20, ó di 47,021. Ní ọjọ́ 30, ó di 101,739.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìlọ́po. Ní ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, iye náà di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ní mẹ́wàá kejì, ìlọ́po 4.6. Ní mẹ́wàá kẹta, ìlọ́po 2.2. Lórí ìlà tí a yà lẹ́ẹ̀kan, tí ìlọ́po mẹ́wàá ń gba sẹ̀ǹtímítà 4, ìlà Ítálì á gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 3.8, lẹ́yìn náà 2.7, lẹ́yìn náà 1.3. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n mi rí nìyẹn. Ìlà náà ń tẹ̀ lóòótọ́.

Wàyí o, ẹ wo iye èèyàn tó kún un. Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ mú èèyàn 9,021 wá. Èkejì mú 36,872 wá. Ẹ̀kẹta, tí ìlà náà tẹ̀ jù, mú 54,718 wá! Bí a bá ya nọ́ńbà kan náà sórí ìwọ̀n gbáàtúù, tí èèyàn 10,000 ń gba sẹ̀ǹtímítà kan, ìlà á gòkè ní 0.9, lẹ́yìn náà 3.7, lẹ́yìn náà 5.5. Lórí bébà kan ó ń rẹ̀ ẹ́, lórí ìkejì ó ń fò.

Bébà méjèèjì ò purọ́. Ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn ló yàtọ̀. Lọ́ọ̀gì ń sọ ìlọ́po mélòó. Gbáàtúù ń sọ èèyàn mélòó. Ẹni tó fẹ́ mọ bí àrùn ṣe ń ràn káàkiri á wo lọ́ọ̀gì, nítorí pé ńṣe ni àrùn ń ràn ní ìlọ́po: ẹnì kan kó o ran èèyàn méjì, àwọn náà kó o ran mẹ́rin. Ẹni tó ń wá bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù ń kọ́? Bẹ́ẹ̀dì kì í di ìlọ́po. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń kà á. Kí àrùn náà tó dé, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ní fún àwọn tí àìsàn wọn le gan-an ní gbogbo Ítálì kò ju bí 5,000 lọ. Fún dókítà tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì wọ̀nyẹn, èèyàn 54,718 ni ọ̀rọ̀, kì í ṣe ìlọ́po 2.2.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tí wọn ò fi ìwọ̀n gbáàtúù ṣe gbogbo rẹ̀. Ìdí ni pé lórí bébà gbáàtúù wa, 1,128 ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ju bíi mìlímítà kan lọ. Ojú ò lè rí i, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ló ń pọ̀ jù ní ìlọ́po. Lórí lọ́ọ̀gì, ohun tó bá ń di ìlọ́po kan náà lójoojúmọ́ á ya ìlà tó tọ́, kò ní tẹ̀, kò ní wọ́. Bí ìlà yẹn bá ṣe dàgẹ̀rẹ̀ tó ló máa sọ bí nǹkan ṣe ń yára tó. Ní ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré ló ń gba Ítálì kí iye wọn tó di méjì. Ní èkejì, ọjọ́ mẹ́rin àtààbọ̀. Ní ẹ̀kẹta, bí ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìròyìn ayọ̀ gidi ni, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀.

Torí náà, Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣìnà pátápátá. Àmọ́ ohun kan tún wà tó ṣì wọ́n lọ́nà, òun ni mo sì rò pé ó le jù. Gíráàfù tí wọ́n fi ránṣẹ́ ń ka gbogbo èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú iye bẹ́ẹ̀ kì í wálẹ̀ láé, kódà bí gbogbo wọn bá ti gbádùn. Tí a bá wá yà á sórí lọ́ọ̀gì, ó máa tẹ̀ dandan, bí nǹkan ò tiẹ̀ dáa sí i rárá. Ẹ jẹ́ ká ní èèyàn 5,000 gan-an ló ń kó àrùn lójoojúmọ́, kò dín, kò lé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50,000, ọjọ́ kan á gbé e dé 55,000, ìyẹn ìlọ́po 1.1, ìlà á sì gòkè ní bíi mìlímítà 1.7 lórí bébà wa. Nígbà tó bá di 200,000, ọjọ́ kan á gbé e dé 205,000. Ìlọ́po 1.025 nìyẹn, kò sì tó ìdajì mìlímítà. Èèyàn 5,000 náà ni o. Ìlà ti tẹ̀, àrùn ò dín.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń dín kù lóòótọ́, nígbà náà? Ẹ fi gíráàfù àpapọ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá èyí tó ń ka àwọn tuntun lójúmọ́. Ní Ítálì, ọjọ́ 21 oṣù kẹta ló ga jù, èèyàn tuntun 6,557. Nígbà tó fi di ọjọ́ 30, ó ti wálẹ̀ dé 4,050. Èyí gan-an ni ẹ̀rí tí Ẹ̀gbọ́n mi ń wá, kò sì hàn nínú gíráàfù tiwọn rárá. Kẹ́ ẹ sì rántí pé 4,050 lóòjọ́ ṣì ju gbogbo iye tí wọ́n ní ní ọjọ́ 29 oṣù kejì lọ, ní ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí ní ìbéèrè kan tó dùn mọ́ mi. Wọ́n ní, "Òdo wá dà? Mi ò rí òdo nísàlẹ̀." Kò sí níbẹ̀, kò sì lè sí. Ẹ pín 100 sí mẹ́wàá, á di 10. Ẹ pín in, á di 1. Ẹ tún pín in, á di 0.1. Títí ayé, kò ní di òdo. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ gíráàfù lọ́ọ̀gì fi jẹ́ ibi tí ẹni tó yà á bá yàn, kì í ṣe ibi tí nǹkan ti parí. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò kó àrùn rárá ò lè hàn lórí rẹ̀. Ńṣe ni ìlà á kàn já.

Lórí ìkànnì Our World in Data, ọ̀pọ̀ gíráàfù wọn ní ibi tí ẹ lè tẹ̀ láti yan `Linear` tàbí `Log`. `Linear` ni gbáàtúù wa. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n mi tẹ ọ̀kan, kí wọ́n tún tẹ èkejì, lórí Ítálì kan náà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Háà. Èyí gun òkè bí ògiri."

Wọn ò lọ gbé Màmá lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Wọ́n gbé ẹ̀fọ́ rírò àti iyán sí ẹnu ọ̀nà Màmá, wọ́n tẹ aago, wọ́n sì padà lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Màmá ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní kí ló dé tí ọmọ tí àwọn bí fi ń sá fún àwọn.