Ẹnu Ọlọ́jà, Ohùn Asọ̀tàn

Ní ọdún 1954, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Jean Rouch gbé kámẹ́rà tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Damouré, Lam àti Illo, láti ilẹ̀ Niger lọ sí Gold Coast, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Gánà lónìí. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá lọ. Nígbà tó yá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lọ́jà Kumasi, wọ́n sì jọ ń tajà lórí ìsọ̀ kan náà. Kámẹ́rà Rouch kò lè gba ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán nígbà náà, àwòrán lásán ló kó délé. Ó wá pe àwọn tó yà jókòó, ó fi àwòrán wọn hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n ń rí. Wọ́n ń rántí, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yìí ló di ohùn tí a ń gbọ́ nínú fíìmù náà, *Jaguar*, tó jáde ní 1967.

Ní 1982, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Granada ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé fíìmù mìíràn jáde nípa ọjà Kumasi kan náà, *Asante Market Women*. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà ń sọ èdè wọn, ìtumọ̀ ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán, asọ̀tàn tí ojú kò rí sì ń dá sí i láàárín láti ṣàlàyé ohun tí àlejò kò lè mọ̀.

Ọjà kan ni, fíìmù méjì, ìpín ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó láti kọ ìwé asọ̀tàn fún fíìmù dọkumẹ́ńtárì lórí àwọn ọlọ́jà gbọ́dọ̀ ṣe ìpín yìí: èwo nínú ọ̀rọ̀ náà ni ti ẹlẹ́nu, èwo ni ti asọ̀tàn? Ibi tí ọ̀pọ̀ fíìmù ti ń bàjẹ́ nìyí. Nínú àwọn kan, asọ̀tàn kì í dákẹ́, ọlọ́jà wá di àwòrán ara ògiri tó ń gbẹ́nu láìsí ohùn. Nínú àwọn mìíràn, wọ́n to ọ̀rọ̀ ọlọ́jà mẹ́jọ tẹ̀léra wọn láìsí àlàyé kankan, òǹwòran kò sì mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ tàbí ìdí tó fi ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ asọ̀tàn. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni wọ́n ń kọ́kọ́ tò. Wọ́n á gbọ́ gbogbo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á dà á kọ sínú ìwé ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bọ́ sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí olóòtú fíìmù lè rí i kíá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú bírò, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ ohun tí kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́: ohun tí ìyá náà fojú ara wọn rí, ìpinnu tí wọ́n ṣe, ìbẹ̀rù wọn, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ná ọjà. Èyí ni ti ẹlẹ́nu. Àwọn ohun tó ṣẹ́kù, bí ọdún, bí ọ̀nà ṣe jìn tó, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú mìíràn tí ọlọ́jà kò dé, òfin tí ìjọba ṣe, ìyẹn ni ti asọ̀tàn. Bí ọlọ́jà bá lo ìṣẹ́jú mẹ́ta láti ṣàlàyé ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà, asọ̀tàn lè fi gbólóhùn méjì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ bí àyà wọn ṣe já nígbà tí ọkọ̀ kò dé, asọ̀tàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà Máìlì 12 ní Kétu, l'Ékòó, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìyá kan tó ń ta tòmátì ń sọ ìrírí wọn ní ọdún 2016, tí kòkòrò kan ya wọ oko tòmátì ní òkè ọya. Ká ní ohun tí wọ́n sọ rèé:

“Ọkọ̀ wọlé láago mẹ́rin ìdájí. A tú apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́, omi. A tú ìkejì, omi. Mo bá jókòó sílẹ̀. Owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni mo fi rà á. Mo ní ta ni mo fẹ́ bá jà, ṣé dírẹ́bà ni?”

Kò tó ogún ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ yìí dunjú á kọ ọ̀rọ̀ asọ̀tàn báyìí ṣáájú rẹ̀: “Ní ìdájí, ìyá oníṣòwò kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ti jẹrà. Ìbànújẹ́ hàn lójú wọn, nítorí owó àjọ ni wọ́n fi ra ọjà náà.”

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan tó wúlò. Àwòrán ti fi apẹ̀rẹ̀ hàn. Ojú ìyá náà ti sọ ti ìbànújẹ́. Èyí tó burú jù ni ti owó àjọ: asọ̀tàn ti já ọ̀rọ̀ náà gbà lẹ́nu wọn kí wọ́n tó sọ ọ́. Nígbà tí ìyá bá wá fẹnu ara wọn sọ pé owó àjọ ni, òǹwòran ti mọ̀, kò sì ní ká a lára mọ́.

Ẹ wò ó bí a bá tún un kọ. Bí àwòrán ọkọ̀ ńlá ṣe ń wọlé, asọ̀tàn á sọ pé: “Láti Kánò dé Èkó, ìrìn nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà ni. Inú apẹ̀rẹ̀ ni tòmátì wà, tòkè ń tẹ tìsàlẹ̀.” Asọ̀tàn dákẹ́. A gbọ́ ìró ọkọ̀, a gbọ́ àwọn alábàárù tó ń pariwo àgò lọ́nà. Ìyá bẹ̀rẹ̀: “Ọkọ̀ wọlé láago mẹ́rin ìdájí...” títí dé orí dírẹ́bà. Lẹ́yìn ìbéèrè wọn yẹn, kí ẹnikẹ́ni má sọ ohunkóhun fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ariwo ọjà nìkan ni kí a máa gbọ́, kí ọ̀rọ̀ lè ráyè wọlé.

Ìgbà náà ni asọ̀tàn tó padà: “Lọ́dún 2016, kì í ṣe ojú ọ̀nà nìkan ni tòmátì ti ń bàjẹ́. Kòkòrò kan tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣẹ̀ wá ń jẹ ẹ́ mọ́ oko. Lóṣù karùn-ún, ìjọba Kàdúná kéde pàjáwìrì. Àwọn àgbẹ̀ sọ àrùn náà ní Èbólà tòmátì.” Ìyá kò lè sọ èyí, nítorí wọn kò sí l'óko. Bí wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́, àgbọ́sọ ni yóò jẹ́. Ọ̀rọ̀ asọ̀tàn yìí sì ti dá ìyá lóhùn láìjẹ́ pé ó bá wọn jiyàn: ẹ̀bi dírẹ́bà nìkan kọ́. Ọ̀nà ti là sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìyá tó kàn, ká ní wọ́n sọ pé oníbàárà wọn láti ọjọ́ pípẹ́ wo apẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ iye rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n júwe ibi tí wọ́n ti ń ta tòmátì alágolo fún òun.

Gígùn ọ̀rọ̀ asọ̀tàn náà ní ìwọ̀n. Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é máa ń ka iye ọ̀rọ̀ inú ìwé láti mọ ìṣẹ́jú tí yóò gbà. Ìwọ̀n ti Gẹ̀ẹ́sì yìí kò ṣeé gbé wọ Yorùbá, nítorí ọ̀rọ̀ wa pọ̀ tó jẹ́ sílébù kan péré, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn gùn gbọọrọ. Ohun tó dájú ni kí òǹkọ̀wé kà á sókè, kí ó fi aago fóònù wọ̀n ọ́n, kí ó sì kà á bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kó má sáré. Bí àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ ìyá méjì bá jẹ́ ogún ìṣẹ́jú àáyá, kí ọ̀rọ̀ asọ̀tàn má kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Márùn-ún tó kù, ọjà ló ni ín.

Púpọ̀ nínú wàhálà tí asọ̀tàn ń bá yí sì ti wà láti ìgbà tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Ohùn oníbèéèrè kì í sábà wà nínú fíìmù, wọ́n ń gé e kúrò ni. Bí ó bá béèrè pé, “Màmá, ọdún mélòó lẹ ti ń ta tòmátì?” tí wọ́n sì dáhùn pé, “Ọdún méjìlélógún,” ìdáhùn yẹn kò lè dá dúró. Asọ̀tàn ni yóò wá máa gbé e rù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á sọ pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ òwò tòmátì, àti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé ọjà yìí.” Ìtàn ni wọ́n á fi dáhùn, gbólóhùn wọn á sì ní orí àti ìdí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà ń fẹ́ àfiyèsí. Asọ̀tàn Yorùbá kò lè pe ìyá àgbà ní “ó”, “wọ́n” ló tọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọjà tí èrò pọ̀ sí, bí asọ̀tàn bá ní “wọ́n já ọjà, wọ́n sanwó”, ta ni? Ṣé ìyá ni, àbí àwọn alábàárù? Olùkàwé lè padà sẹ́yìn wò ó, olùgbọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn ẹlòmíràn bá ti wọ inú àwòrán, kí asọ̀tàn tún dárúkọ tí gbogbo ọjà ń pè wọ́n: Ìyá Alátà, Ìyá Ìbejì.

Nígbà tí fíìmù bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ìdánwò méjì wà tí ó ń fi àbùkù hàn kíá. Ẹ kọ́kọ́ yọ ohùn asọ̀tàn kúrò, kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́jà nìkan. Bí ìtàn kò bá yéni rárá, a jẹ́ pé wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu jù, tàbí pé ìbéèrè kò dára. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ̀rọ̀ ọlọ́jà, kí ẹ ka ìwé asọ̀tàn nìkan fún ẹni tí kò tíì rí fíìmù náà. Bí ẹni náà bá lè sọ gbogbo ìtàn láti orí dé ìdí, asọ̀tàn ti sọ̀rọ̀ jù. Ó yẹ kí ihò wà nínú ìwé rẹ̀, níbi tí olùgbọ́ á ti béèrè pé, “Kí ni ìyá wá ṣe?”

Ó ku kí wọ́n gbé fíìmù náà lọ bá ìyá lórí ìsọ̀ wọn kí ó tó jáde. Ọ̀rọ̀ owó ló sábà máa ń fa àtúnṣe. Ìyá lè ti sọ iye tí wọ́n ra apẹ̀rẹ̀ kan níwájú kámẹ́rà láì rò ó pé oníbàárà yóò wò ó, yóò sì bá wọn ná ọjà dé orí iye yẹn gan-an. Wọ́n sì lè ti dárúkọ ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Bí wọ́n bá ní kí a yọ ọ́, kí a yọ ọ́. Kí asọ̀tàn má sì tún fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye náà níbòmíràn. Bí ìtàn kò bá lè dúró láìsí i, ó lè sọ pé apẹ̀rẹ̀ wọ́n ju ti oṣù tó kọjá lọ, ìyẹn náà á tó.