Bí ẹ ṣe lè yọ bátìrì fóònù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, láì jẹ́ kó gbiná

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ ó rántí pé láyé ijọ́un, tí fóònù bá kú, a kàn máa ń fi èékánná ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ ni, a ó yọ bátìrì, a ó sì tún un fi síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ bátìrì mọ́ inú wọn, àti inú àwọn láàpútọ́ọ̀pù kan pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ á wá mú sukurudíráfà, á sì máa fi agbára hú u. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ló fà á? Inú bátìrì náà dà bí ẹní tí wọ́n ká. Irin méjì tó fẹ́lẹ́ bíi bébà ló wà níbẹ̀, ike kan tó tún fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ló sì là wọ́n láàárín. Tí nǹkan bá gún bátìrì, tàbí tó bá tẹ̀, ike yẹn lè ya. Irin méjèèjì á fara kanra, gbogbo agbára iná inú rẹ̀ á sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, gọ́ọ̀mù ló yẹ ká bá jà, kì í ṣe bátìrì.

Ẹ jẹ́ ká mú fóònù kan tí bátìrì rẹ̀ kì í gba jáàjì pẹ́ mọ́, àmọ́ tí kò wú. Ẹ kọ́kọ́ lò ó títí jáàjì rẹ̀ fi máa wálẹ̀ sí ìdá 25 nínú 100 tàbí kó dín, torí bí iná inú rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ewu ṣe ń dín kù. Ẹ pa fóònù náà, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì yọ ẹnu wáyà bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Ó kan ooru báyìí. Díráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun ti tó. Ẹ tan án sí èyí tí kò gbóná jù, kí ẹ sì fẹ́ ẹ sí ojú fóònù, níbi tí bátìrì wà ní òdìkejì, fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú méjì. Ẹ máa gbé e káàkiri, ẹ má fi dúró lójú kan. Kó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kí ọwọ́ yín lè dúró lé e. Kò gbọdọ̀ kọjá digírì 60.

Ẹ wá mú ike pẹlẹbẹ, bíi èyí tí wọ́n fi ń ta gìtá, tàbí káàdì báǹkì àtijọ́. Ẹ tì í bọ abẹ́ bátìrì láti ẹ̀gbẹ́ tó gùn, níbi tí kò sí wáyà pẹlẹbẹ kankan, torí ẹni tó bá já wáyà yẹn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra sukirínì tuntun nìyẹn. Ẹ máa tì í síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kí gọ́ọ̀mù má baà tún lẹ̀, kí ẹ sì ti ìkejì bọ̀ ọ́. Ẹ má fi ṣí i sókè bí ẹni ń ṣí agolo mílíìkì.

Tó bá ṣì le, ẹ pa díráyà, kí ẹ kán sípírítì tí wọ́n fi ń fọ bọ́ọ̀dù díẹ̀ sí etí bátìrì, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Sípírítì ń gbiná, ẹ má tan díráyà títí yóò fi gbẹ. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ti láàpútọ́ọ̀pù kò yàtọ̀, àmọ́ bátìrì rẹ̀ sábà máa ń pín sí ẹyọ mélòó kan. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa yọ, ẹ má fa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́? Òórùn dídùn kan á máa jáde, bíi ti ohun tí wọ́n fi ń pa kíùtẹ́ẹ̀sì rẹ́, tàbí kí bátìrì máa wú, kó máa dún ṣíì, tàbí kó máa gbóná fúnra rẹ̀. Ẹ dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ síta, ẹ bu yanrìn gbígbẹ bò ó, ẹ má fa èéfín rẹ̀ símú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí garawa yanrìn wà nítòsí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bátìrì tó bá ti wú tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fẹ́ ooru sí i rárá. Ẹ pa fóònù náà, ẹ má jáàjì ẹ̀ mọ́, kí ẹ gbé e fún ẹni tó mọṣẹ́. Èyí tó bá sì ti tẹ̀ nígbà tí ẹ ń yọ ọ́, kò ṣeé lò mọ́, kódà bó ṣì ń tan fóònù. Ẹ fi sẹ́lótéèpù bo ẹnu wáyà rẹ̀, kí ẹ má sì jù ú sáàárín pàǹtí ilé.